Ohun tí fọ́tò gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lè sọ, àti ibi tí ẹnu rẹ̀ kò tó

Nílùú Èkó àti Ìbàdàn lónìí, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kì í dé Ládípò tàbí Àràròmí ní Géètì kí wọ́n tó ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì tàbí ọlọ́jà á ya fọ́tò gálọ́ọ̀nù, á fi ṣọwọ́ lórí Wáásáàpù, ọlọ́kọ̀ á wò ó fẹ̀rẹ̀, á ní, "Ó dáa, ẹ máa gbé e bọ̀," owó á sì ti lọ. Ohun tó rí nínú fọ́tò yẹn ni gbogbo àyẹ̀wò tó ṣe. Mo fẹ́ yẹ àyẹ̀wò náà wò tìdí-tìdí: èwo ni fọ́tò lè sọ fún ni dájú, èwo ló kàn lè mú ká fura sí, èwo ni kò sì lè sọ rárá bó ti wù kó mọ́lẹ̀ tó.

Ìbéèrè méjì làwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé, ṣé irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù yìí ló yẹ ẹ́ńjìnnì mi? Èkejì ni pé, ṣé ohun tí wọ́n kọ síta náà ló wà nínú? Lébẹ́ẹ̀lì lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ dáadáa. Ní ti èkejì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan sọ, nítorí pé lébẹ́ẹ̀lì tòótọ́ ló wà lára gálọ́ọ̀nù tí wọ́n tún nǹkan mìíràn rọ sínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ tòótọ́ ló tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pé, àkọtọ́ rẹ̀ pé, gbogbo àmì rẹ̀ pé. Ẹni tó ń wá àṣìkọ lára irú lébẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò ní rí i. Ọrùn gálọ́ọ̀nù, ìdí rẹ̀ àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ tán ni ó yẹ kí ojú lọ.

Ká fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká má bàa máa sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Tòyótà Kòróòlà 2006 ni, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8 lítà tó ń jẹ́ 1ZZ-FE. Ìwé ọkọ̀ náà ní 5W-30 ni kí á lò, ẹ́ńjìnnì náà sì ń gba 3.7 lítà tí a bá pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn, èyí ni pé gálọ́ọ̀nù oní-4 lítà kan tó o, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù. Ọlọ́jà fi fọ́tò gálọ́ọ̀nù méjì ránṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ kọ 20W-50, ó kọ API SF/CD, ó sì ní àmì oníràwọ̀ kan tó yọ ṣóńṣó yíká. Èkejì kọ 5W-30, ó kọ API SN, ó sì ní àmì róbótó tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti mọ̀. Èkejì yìí wọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó rọjú ju iye tí wọ́n ń tà á níléepo lọ.

Nọ́ńbà tó ní W láàárín ni ká kọ́kọ́ kà. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, SAE, ló ni ìlànà náà. Láti 1911 ni wọ́n ti ń pín ọ́ìlì ní ìpele-ìpele, ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ lé lónìí sì ń jẹ́ SAE J300. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú òtútù: 30 dígírì sábẹ́ òdo ni wọ́n ti ń dán 5W wò bóyá ẹ́ńjìnnì á lè yí nínú rẹ̀, ti 20W sì jẹ́ 15 dígírì sábẹ́ òdo. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100 dígírì. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíki yìí, ọ́ìlì 30 gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.3 sí 12.5, ọ́ìlì 50 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín 16.3 sí 21.9. Ẹ ò rí i pé ọ́ìlì 50 tó gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ní ìlọ́po méjì ọ́ìlì 30.

Níbi tiwa, tí òtútù òwúrọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú, nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn lèmi ń kọ́kọ́ wò. Kò sí àárọ̀ ọyẹ́ kankan n'Íbàdàn tí yóò dán agbára 20W wò dé òpin. Òótọ́ ni pé 5W máa ń tètè gun òkè ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á láàárọ̀, ìyẹn sì dára. Àmọ́ nọ́ńbà ẹ̀yìn ló ń pinnu bí ọ́ìlì ṣe máa ṣe ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń sọ pé, "Bọ̀dá, 20W-50 ni kí ẹ rà, oòrùn wa le." Mo gbà pé wọn kò ní èrò ibi, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n ń mú wá kò dúró. Iná inú ẹ́ńjìnnì àti tamọsítáàtì ló ń pinnu bí ọ́ìlì ṣe máa gbóná tó nínú ẹ́ńjìnnì, ohun tí oòrùn ń fi kún un kéré. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE yìí ní VVT-i, ẹ̀rọ tó ń lo agbára ọ́ìlì láti fi sún àkókò ìṣísílẹ̀ fáàfù síwá-sẹ́yìn, ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá níbẹ̀ sì tín-ín-rín. Ọ́ìlì tó ki jù á máa falẹ̀ dé ibẹ̀. Àwọn ìwé ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru tó fàyè gba ọ́ìlì tó ki ju èyí lọ, nítorí náà ìwé ọkọ̀ tiyín gan-an ni kí ẹ wò.

Ní ti fọ́tò, nọ́ńbà W yìí ni àṣìkà ti máa ń pọ̀ jù. Ara gálọ́ọ̀nù tẹ̀ kọrọdọ, "1" tó wà níwájú 15W sì lè sá sínú òjìji tàbí kí iná fóònù tàn bò ó, tí 15W-40 á wá dà bí 5W-40. Fọ́tò tí Wáásáàpù fún pọ̀ á tún so "SN" àti "SM" pọ̀, á sọ "CF" di "CE". Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni méfò. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àwòrán lásán, torí bẹ́ẹ̀ ni kò fi ní fún un pọ̀. Kí ó ya iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí pé wọ́n sábà máa ń tún nọ́ńbà kan náà kọ sẹ́yìn ní lẹ́tà kékeré. Bí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Lẹ́tà API ló kàn. Iléeṣẹ́ Àpapọ̀ Epo Rọ̀bì ti Amẹ́ríkà ló ń fi lẹ́tà yìí sọ ìpele iṣẹ́ ọ́ìlì. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ọ́ìlì ṣe jẹ́ tuntun tó, tuntun sì máa ń lè ṣe iṣẹ́ ti àtijọ́. API fúnra wọn ní SF kò yẹ fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. SL parí sórí ọkọ̀ 2004, SM sórí 2010, SN sórí 2020. SP jáde ní 2020, SQ sì dé ní 2025. Lójú ètò API yìí, Kòróòlà 2006 wa nílò SM ó kéré tán. Fọ́tò kejì tó ní SN kúnjú òṣùwọ̀n. Fọ́tò àkọ́kọ́ tó ní SF jìnnà sí i, kódà kó jẹ́ ojúlówó ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà lára fọ́tò àkọ́kọ́ tó burú ju pé kò yẹ ọkọ̀ náà lọ. Àmì oníràwọ̀ yẹn jẹ́ àmì pé ọ́ìlì náà pé ìwọ̀n ILSAC, ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ epo púpọ̀. Ìwọ̀n ILSAC kò kọjá ọ́ìlì 30. Irú 0W-20, 5W-20, 5W-30 tàbí 10W-30 ló lè gbé e. Kò sí 20W-50 kankan láyé tó lè gba àmì yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà lójú gálọ́ọ̀nù kan náà ń jẹ́ ara wọn nírọ́. Bákan náà ni pẹ̀lú àmì róbótó: àbọ̀ òkè rẹ̀ máa ń kọ API SERVICE àti lẹ́tà ìpele iṣẹ́, àárín rẹ̀ ń kọ nọ́ńbà SAE, àbọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lè sọ pé ọ́ìlì náà ń fi epo pamọ́ tàbí kó ṣófo. Lára 20W-50 fún ọkọ̀ bẹntiróòlù, bí àbọ̀ ìsàlẹ̀ bá sọ̀rọ̀ nípa fífi epo pamọ́, ẹni tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì náà kàn da àwòrán ẹlòmíràn kọ ni, láì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo ka irú ìtakora báyìí sí àyẹ̀wò tó lágbára jù lọ tí fọ́tò lè fúnni, nítorí pé kò gba kéèyàn mọ àwọ̀ tàbí lẹ́tà iléeṣẹ́ kankan. Ìlànà ni a fi ń dá a mọ̀, ìlànà náà kì í sì í yí padà láti ìlú kan sí òmíràn.

Ẹ má ṣe gba òdìkejì rẹ̀ gbọ́ o. Àìsí àmì róbótó kò sọ ọ́ di ayédèrú. Iléeṣẹ́ tó bá sanwó ìwé àṣẹ fún API nìkan ló lè lo àmì náà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń po ọ́ìlì dáadáa ní Nàìjíríà kò sì gba ìwé àṣẹ náà. Wọ́n kàn kọ ọ́ ní lẹ́tà lásán pé ọ́ìlì àwọn dé ìpele SN. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ìyẹn, a sì lè gbà wọ́n gbọ́ tàbí kí á má gbà. Bí àmì róbótó bá wà, orí ayélujára ni orúkọ gbogbo ẹni tó gba ìwé àṣẹ wà, ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ ọ́ìlì náà níbẹ̀. Nǹkan kan náà ni pẹ̀lú àmì MANCAP tí SON ń fún ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Gálọ́ọ̀nù tó bá kọ ọ́ pé Jámánì ni wọ́n ti ṣe òun, tó tún wá gbé MANCAP sára, ti ta ko ara rẹ̀, nítorí pé ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé kì í lo àmì yẹn.

Títí dé ibí, fọ́tò àkọ́kọ́ ti kùnà. Èkejì yege pátápátá. 5W-30 yẹ ọkọ̀, SN yẹ ọdún rẹ̀, àmì róbótó bá nọ́ńbà mu, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé API. Ẹni tó bá dúró síbí á sanwó. Ibí gan-an sì ni iṣẹ́ àwọn tó ń tún gálọ́ọ̀nù rọ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí gálọ́ọ̀nù tó bá lè yege báyìí ni wọ́n ń wá kiri.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le yéni. Lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì tán, gálọ́ọ̀nù òfìfo á wà nílẹ̀. Àwọn tó ń ṣa ike kiri á rà á tàbí kí wọ́n ṣà á lórí ààtàn. Èyí tó bá ṣì mọ́, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ya, ni wọ́n á yà sọ́tọ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ìlì mìíràn sí i. Nígbà mìíràn ọ́ìlì dúróọ̀mù olówó pọ́ọ́kú ni, tí kò ní èròjà tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Nígbà mìíràn ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m ni, èyí tí wọ́n fà jáde látinú ọkọ̀, tí wọ́n wá fi ásíìdì àti amọ̀ yọ dúdú rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ọmọrí tuntun dé e. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń fi ojú àpá sílẹ̀, pàápàá ti ọmọrí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ọmọrí. Ọ̀pọ̀ gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ló ní òrùka kékeré nísàlẹ̀ ọmọrí, tí eyín ike tín-ín-tìn-ìn-tín so mọ́ ọmọrí náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí a bá yí ọmọrí, eyín wọ̀nyí á já, òrùka á sì dúró sí ọrùn gálọ́ọ̀nù. Òrùka tí kò tíì já máa ń sún mọ́ ọmọrí ní déédéé yíká, àlàfo tó wà láàárín wọn á tín-ín-rín bákan náà níbi gbogbo. Bí wọ́n bá ti tún un dé, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló máa ń hàn nínú fọ́tò tó sún mọ́ ọn. Òrùka náà lè má sí rárá. Ó sì lè wà, ṣùgbọ́n kí eyín rẹ̀ ti já níbi kan, tí àlàfo á fẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ. Tàbí kẹ̀, kí gọ́ọ̀mù ti dán níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ tún wo àwọ̀ ọmọrí. Ọmọrí tí wọ́n rà lọ́tọ̀ kì í sábà bá ti iléeṣẹ́ mu pátápátá. Pupa rẹ̀ lè ṣá díẹ̀, àmì iléeṣẹ́ tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ sì lè má sí níbẹ̀. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ ṣí fọ́tò gálọ́ọ̀nù náà láti ojú òpó iléeṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ gbé méjèèjì síra wọn.

Fọ́tò kò lè dé abẹ́ ọmọrí. Níbẹ̀ ni fóìlì máa ń wà lára ọ̀pọ̀ ọ́ìlì, bébà pẹlẹbẹ tó ń dán bíi fádákà, tí ẹ̀rọ fi ooru lẹ̀ mọ́ ẹnu gálọ́ọ̀nù. A kò lè ní kí ọlọ́jà ṣí i kó yà á fún wa, torí gálọ́ọ̀nù tó bá ti ṣí ti kúrò ní tuntun. Ìgbà tí ọjà bá dé ọwọ́ yín, kí ẹni tó gbé e wá tó lọ, ni kí ẹ yí i fúnra yín. Etí fóìlì tí ẹ̀rọ lẹ̀ máa ń mú gírígírí yíká ní déédéé. Èyí tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ máa ń wú níbì kan, á jóná díẹ̀ níbòmíràn, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sì máa ń tú ní odidi bí ẹ bá fi èékánná gbé etí rẹ̀. Ẹ fi ìka nu inú ẹsẹ̀ ìyísí ọrùn náà pẹ̀lú. Ọ́ìlì dúdú tó gbẹ sáàárín rẹ̀ kò ní ibi mìíràn tó ti lè wá ju pé wọ́n ti da ọ́ìlì jáde ní ẹnu yẹn rí. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń lo fóìlì o, nítorí náà àìsí rẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìdí gálọ́ọ̀nù ni àwọn ènìyàn kì í béèrè fọ́tò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ibi tó ń sọ òótọ́ jù. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ ya ìdí rẹ̀ fún mi." Lára ọ̀pọ̀ ike, ẹ máa rí róbótó kékeré kan tó rí bí ojú aago, tó ní ọfà láàárín àti nọ́ńbà oṣù yíká, ọdún sì wà ní àárín. Ọjọ́ tí wọ́n da ike náà nìyẹn, ó ti wà nínú ara ike, a kò lè pa á rẹ́. Lórí èjìká gálọ́ọ̀nù, lẹ́yìn rẹ̀ tàbí ní ìdí rẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà ìpò ọ́ìlì àti ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sí, ní yíǹkì tó rí tó-tó-tó. Ẹ gbé ọjọ́ méjèèjì síra.

Ká ní ìdí gálọ́ọ̀nù kejì tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́ sọ pé oṣù 3, ọdún 2019 ni wọ́n da ike náà. Èjìká rẹ̀ sì sọ pé oṣù 8, ọdún 2025 ni wọ́n rọ ọ́ìlì sí i. Iléeṣẹ́ wo ló máa kó ike òfìfo pamọ́ fún ọdún mẹ́fà kó tó rọ ọ́ìlì sínú rẹ̀? Ẹ súnmọ́ yíǹkì náà. Bí ẹ bá rí i pé ike abẹ́ rẹ̀ funfun díẹ̀ tàbí pé dídán rẹ̀ ti kú níbẹ̀ nìkan, tínà ni wọ́n fi nu nọ́ńbà àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó tẹ tuntun lé e. Bó bá jẹ́ pé òdìkejì ni, pé wọ́n rọ ọ́ìlì ní 2021 sínú ike tí wọ́n dà ní 2023, nọ́ńbà náà irọ́ ni láìsí àní-àní. Nǹkan kan péré ni kí ẹ fi sọ́kàn: àwọn tó ń da ike lè gbàgbé láti yí ọfà yẹn fún oṣù díẹ̀. Àlàfo oṣù díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn, ti ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ.

Àwọn kan wà tó máa ń tún gálọ́ọ̀nù rọ láì yí nọ́ńbà àtijọ́ padà, nítorí pé ìyẹn kò ná wọn ní nǹkan kan. Lọ́wọ́ irú wọn, páálí ló máa ń tú wọn fó. Gálọ́ọ̀nù tó jáde nínú páálí kan náà láti iléeṣẹ́ máa ń ní nọ́ńbà ìpò kan náà, nọ́ńbà náà sì sábà máa ń wà lára páálí. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣà jọ láti ọwọ́ oríṣiríṣi mẹkáníìkì kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà tò wọ́n sí ìlà, kó yà wọ́n papọ̀ pẹ̀lú páálí. Fọ́tò yẹn á tún fi nǹkan mìíràn hàn: bí gálọ́ọ̀nù náà bá ní ojú fèrèsé tín-ín-rín tí a fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì, ẹ̀rọ á ti rọ gbogbo wọn dé ibì kan náà. Ọwọ́ ènìyàn kì í rọ ọ́ dọ́gba. Ẹ wo ara ike pẹ̀lú. Ojú họ̀rọ̀ lábẹ́ ìdí, ìdọ̀tí inú ìdìmú, etí lébẹ́ẹ̀lì tí ọ́ìlì ti mu di yẹ́lò, gbogbo wọn ń sọ pé gálọ́ọ̀nù náà ti gbé inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rí. Lójú tèmi, ọ̀kan nínú wọn kò tó dá ẹjọ́, torí ọjà tòótọ́ náà máa ń jẹ ìyà nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Bí mẹ́ta bá pàdé lára ọ̀kan, ẹ dá a padà.

Gbogbo èyí dúró lórí pé fọ́tò náà jẹ́ ti gálọ́ọ̀nù tí wọ́n máa gbé fún yín. Àwọn ọlọ́jà kan ń lo fọ́tò kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ òní sórí bébà, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gálọ́ọ̀nù kí wọ́n tó yà á, kí nọ́ńbà ìpò rẹ̀ sì hàn. Nígbà tí ọjà bá dé, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí a ń họ sára gálọ́ọ̀nù, tí a lè fi ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kìkì bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ họ ọ́. Èyí tí wọ́n ti họ kó tó dé ọwọ́ yín kò níye lórí mọ́.

Nígbà tí ọ́ìlì bá ti dé ilé, oríṣiríṣi àyẹ̀wò làwọn ènìyàn máa ń sọ fún ara wọn. Wíwọ̀n ún ṣe é lò díẹ̀. Lítà kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wọ̀n láàárín 0.85 sí 0.89 kílò, nítorí náà lítà mẹ́rin yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 3.5 kílò, láì ka ike mọ́ ọn. Èyí tó bá fúyẹ́ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò rọ ọ́ kún ni. Kò sọ irú ọ́ìlì tó wà nínú. Kíkán ọ́ìlì sórí bébà funfun náà ní ààlà: ọ́ìlì tó ní ìdọ̀tí á fi dúdú sílẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fi amọ̀ fọ̀ á mọ́ lóló bíi tuntun. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Fífi iná sí i jẹ́ ewu lásán, mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀.

Ó tún kù ohun tí mo máa ń gbọ́ jù, pé ọ́ìlì tó bá tètè dúdú nínú ẹ́ńjìnnì jẹ́ ayédèrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì dáadáa ní èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí, bó bá bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì tó ti dọ̀tí, ìdọ̀tí yẹn ló máa gbé mọ́ra tó fi dúdú. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni pé kí iná ọ́ìlì máa tàn nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná tó sì dúró nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ìyẹn ń sọ pé ọ́ìlì náà ti ṣàn jù, kò lè mú agbára dúró mọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe wà á délé. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọn bí ọ́ìlì ṣe kù sí nínú rẹ̀. Bí ó bá pé, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n rọ òmíràn sí i, kí wọ́n tó ta ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ilé ìyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ohun tó wà nínú gálọ́ọ̀nù kan dájú. Wọ́n á wọn kíki rẹ̀ ní 100 dígírì, bí 5W-30 bá jáde ní 7, kì í ṣe 5W-30 nìyẹn. Wọ́n á tún wá irin, kọ́pà àti òjé nínú rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun kò yẹ kó ní wọn ju bíńtín lọ. Bí wọ́n bá hàn dáadáa, ara béárì àti ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn ni wọ́n ti họ bọ́ sínú rẹ̀, ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m sì ni. Ọlọ́kọ̀ kan kò ní rí àǹfààní nínú kó sanwó àyẹ̀wò yìí fún gálọ́ọ̀nù kan. Fún ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá tó sì ń ra dúróọ̀mù, owó àyẹ̀wò náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo.

Ní ti Kòróòlà wa, gálọ́ọ̀nù méjèèjì ló kùnà: lébẹ́ẹ̀lì tú àkọ́kọ́ fó, ìdí àti èjìká tú èkejì fó. Gálọ́ọ̀nù kẹta tí wọ́n máa rà níléepo tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ni wọ́n máa lò, lẹ́yìn tí ọ́ìlì rẹ̀ bá ti bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, òfìfo rẹ̀ á wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n irin gbígbóná lè dí ihò yẹn padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọrùn ni kí ẹ gé, níbi tí ọmọrí ti ń yí wọlé, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ya lébẹ́ẹ̀lì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú mẹkáníìkì.